Bí Ọgbẹ́ Iṣẹ́ Abẹ Ṣe Ń Jinná àti Ohun Tó Yẹ Ká Fi Dì Í

Ìpele mẹ́rin ni ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ máa ń gbà kó tó jinná, ìpele kan a sì máa wọnú èkejì. Dídá ẹ̀jẹ̀ dúró ló ṣáájú: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sì dì. Ìpele wíwú ló tẹ̀ lé e, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn, tí wọ́n sì ń kó òkú ẹran ara kúrò. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí etí ọgbẹ́ pọ́n díẹ̀ kó sì máa ro ní àsìkò yìí kì í ṣe àrùn. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì fura sí ni pípọ́n tó ń tàn kálẹ̀, ìrora tó ń le sí i nígbà tó yẹ kó máa rọlẹ̀, ọyún, òórùn àti ibà.

Ní ìpele kẹta, ara á hu ẹran tuntun, awọ á sì máa rá láti etí wá sí àárín. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹrin ni ìpele tí àpá ń le, ó sì lè gba ọdún kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, agbára ojú àpá kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti awọ tí abẹ kò kàn. Títí ayé, kì í ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ pé kó má gbé ẹrù wúwo.

Ọgbẹ́ mímọ́ tí wọ́n rán kò béèrè ohun púpọ̀. Awọ rẹ̀ máa ń pàdé láàárín nǹkan bí wákàtí 48, nítorí náà ohun tí wọ́n fi dì í ní yàrá iṣẹ́ abẹ yẹ kó wà níbẹ̀ títí di ìgbà náà, àfi bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá rin ín gbingbin. Àṣejù ni kí a máa ṣí i wò lójoojúmọ́.

Ọgbẹ́ tó ṣí ló gba òye. Ká mú obìnrin kan tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, tí awọ ọgbẹ́ rẹ̀ ṣí ní ọjọ́ keje. Kí nọ́ọ̀sì tó ṣe ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá awọ nìkan ló ṣí tàbí ó ti jìn dé inú ikùn. Bí omi pupa ṣíṣàn bá ń tú jáde lójijì, tàbí ìfun bá yọjú, kò gbọdọ̀ tì í padà: á fi aṣọ tí kò ní kòkòrò, tí a rẹ sínú omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, bò ó, á ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ kó ká eékún, kó má jẹ má mu, á sì pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ká ní awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ nìkan ni. Ọgbẹ́ náà gùn ní sẹ̀ńtímítà 6, ó fẹ̀ ní 3, ó sì jìn ní 2. Òkú ẹran aláwọ̀ ìyeyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ sì pọ̀. Nọ́ọ̀sì á fi omi iyọ̀ ìdá 0.9 nínú 100 fọ̀ ọ́. Kò ní lo háídírójìn tàbí yúsọ́ọ̀lù, nítorí wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì tuntun pẹ̀lú kòkòrò. Ohun ìdìgbẹ́ tí wọ́n fi ewé òkun ṣe dára níbí, nítorí ó ń fa omi mu. Oyin ilé ìwòsàn náà ń tú òkú ẹran; oyin inú ìgò ilé kò ṣeé lò, ó lè ní ẹyin kòkòrò àrùn nínú. Bí kò bá sí èyíkéyìí, gọ́ọ̀sì tí a rẹ sínú omi iyọ̀ tí a sì fún ṣeé lò. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí a fi sínú ihò náà, nítorí bí a bá kì í pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀.

Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá pupa bí ẹran tútù, tí omi sì dín kù, ohun tó ń fa omi mu púpọ̀ ti di ìpalára: á gbẹ ọgbẹ́ náà, gọ́ọ̀sì gbígbẹ á sì fa ẹran tuntun ya nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Ní 1962, George Winter fi ara ẹlẹ́dẹ̀ hàn pé awọ máa ń bo ọgbẹ́ tó tutù ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyára èyí tó gbẹ tó ní èépá. Nítorí náà, fóòmù tàbí gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ọ̀rá pa ló kàn, kí wọ́n sì máa jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n máa wọn ọgbẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pípààrọ̀ ohun ìdìgbẹ́ nìkan kò tó: kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ aláìsàn àti bóyá àrùn wà nísàlẹ̀ ọgbẹ́ wò.