Ògbufọ̀ Láàárín Dókítà àti Aláìsàn Jẹjẹrẹ

Ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláìsàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá níbẹ̀ ló jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá tàbí bàbá. Lọ́jọ́ tí dókítà bá fẹ́ sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ẹrù yẹn wúwo jù fún ọmọ. Ọkàn tirẹ̀ náà ti dàrú, ó sì ṣòro kó má bu ọ̀rọ̀ náà kù kó tó dé etí ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ti yọ kókó kan lọ́mú rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ náà ti dé egungun àti ẹ̀dọ̀. Kí wọ́n tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà, ọmọ rẹ̀ obìnrin fa ògbufọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dárúkọ jẹjẹrẹ fún màmá. Ẹ kàn ní egbò kékeré kan ló wà nínú."

Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní bá a jà, kò sì ní gbà fún un. Á ní, "Mo gbọ́ yín. Àmọ́ ohun tí dókítà bá sọ ni mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ fún dókítà pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyí." Lọ́dún 2000, Walter Baile àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìlànà onígbésẹ̀ mẹ́fà kan jáde lórí bí dókítà ṣe ń túfọ̀ irú ìròyìn báyìí. Nínú rẹ̀, kí dókítà tó sọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi aláìsàn ní ohun tó ti mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀ àti bó ṣe fẹ́ mọ̀ tó. Bí ìyá bá ní, "Ẹ bá ọmọ mi sọ ọ́," ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bó bá sì ní, "Ẹ sọ ọ́ fún mi," kò sẹ́ni tó lè fi pa mọ́ fún un mọ́.

Dókítà á wá ní, "Ó dùn mí, ìròyìn tí mo ní kò dára." Á dákẹ́ díẹ̀ kí ìyá lè múra ọkàn sílẹ̀. Ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kò ní fi "Ọlọ́run á ṣe é" dí àlàfo yẹn, nítorí ìyá lè rò pé dókítà ló sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìyá fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà, ògbufọ̀ á túmọ̀ àdúrà náà fún dókítà bó ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tó le jù lọ á dé: jẹjẹrẹ ti tàn dé ẹ̀dọ̀, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè mú un kúrò pátápátá. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí ògbufọ̀ bá ní, "Wọ́n á wò ó," ìyá á gbọ́ pé òun á sàn. Bó bá ní àìsàn náà "ti ní ìlọsíwájú," ó lè dà bí ìròyìn ayọ̀. Ohun tó yẹ kó sọ ni: "Jẹjẹrẹ náà ti burú sí i, ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀ yín, mà. A ní oògùn tó lè dín ìrora kù, tó sì lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ kò sí èyí tó lè mú un tán lára yín."

Àwa Yorùbá gbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Nínú yàrá dókítà, àbọ̀ yẹn kì í di odindi, torí ìbẹ̀rù á fi ohun tó wu aláìsàn dí ìyókù. Ọ̀wọ̀ kò sí nínú fífi òtítọ́ pa mọ́. Inú "ẹ" àti "mà" ló wà, nínú ohùn tó rọlẹ̀, nínú gbólóhùn kúkúrú tí a ń sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti nínú pé ògbufọ̀ kò kánjú. Orúkọ àìsàn kò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó dé àti ohun tí oògùn lè ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọlé ni pé kí dókítà ní kí ìyá sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Bó bá ní, "Tí mo bá parí oògùn, ara mi á yá pátápátá," nǹkan kan ti sọnù lọ́nà. Ògbufọ̀ kò ní dá tún un ṣe fúnra rẹ̀. Á túmọ̀ ìdáhùn náà gẹ́lẹ́, kí dókítà lè tún un ṣàlàyé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń mú òbí lọ sílé ìwòsàn nílẹ̀ òkèèrè, ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín ní àdéhùn ni kí ẹ ti béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá. Nígbà náà, ẹ ó ráyè jókòó ti ìyá yín, kí ẹ sì dì í lọ́wọ́ mú.