Sáfà Ń Ṣiṣẹ́, Síbẹ̀ 502 Ni Èrò Ń Rí

Nọ́ńbà 502 tó máa ń yọ lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nígbà tí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó dúró lágbedeméjì ni. Ó ń wí pé òun kò rí ìdáhùn tó ṣeé lò gbà lọ́dọ̀ àwọn sáfà tó wà lẹ́yìn òun. Ohun tó máa ń rú àwọn tó ń bójú tó irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ lójú ni pé, bí wọ́n bá wọ inú sáfà lọ wò, wọn a bá ètò tó yẹ kó dáhùn níbẹ̀, tí kò kú, tí kò sì sùn. Síbẹ̀, ẹ̀rọ àárín ti kà á mọ́ òkú.

Apínṣẹ́ ni ẹ̀rọ àárín yìí. Ojú ìwé tí èrò ń rọ́ dé kì í gbára lé sáfà kan ṣoṣo. Apínṣẹ́ ló ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tó sì ń pín in fún sáfà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má bàa rán ẹnikẹ́ni sí sáfà tó ti dákú, ó máa ń yẹ gbogbo wọn wò léraléra. Èyí ni àyẹ̀wò ìlera. Lórí Google Cloud, bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò bá yí i padà, àyẹ̀wò náà ń wáyé ní ìṣẹ́jú àáyá 5 síra wọn, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ dé kí ìṣẹ́jú àáyá 5 tó pé. Sáfà tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, apínṣẹ́ á yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́. Bó bá yege lẹ́ẹ̀mejì léraléra, á dá a padà. Bí gbogbo sáfà bá kùnà pátá, irú apínṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní `classic` níbẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. 502 ni yóò dá èrò lóhùn, yóò sì kọ `failed_to_pick_backend` sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí kì í béèrè bóyá ètò wà láàyè. Ohun tó ń wò ni pé ètò ń gbọ́ ìbéèrè ní àdírẹ́sì tí apínṣẹ́ kàn sí, pé ọ̀nà là láàárín àwọn méjèèjì, àti pé ìdáhùn tó wá jẹ́ èyí tí apínṣẹ́ ń retí. Níbi tí ọ̀kan bá ti já nínú mẹ́ta yìí, ètò dà bí ọlọ́jà tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, tó pàtẹ ọjà, ṣùgbọ́n tó ti ìlẹ̀kùn ìta pa.

Ká mú ilé ẹ̀kọ́ kan tó fi èsì ìdánwò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe àpẹẹrẹ. Sáfà méjì ló ní, ètò èsì sì ń gbọ́ ìbéèrè ní pọ́ọ̀tù 8080. Àdírẹ́sì sáfà kìíní nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni 10.132.0.5. Àwọn òbí ń rí 502. Òṣìṣẹ́ wọ inú sáfà, ó bi ètò léèrè níbẹ̀, èsì sì jáde kíá. Àmọ́ inú ilé ló ti béèrè, ìta sì ni apínṣẹ́ wà. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e nìyí, méjì lórí sáfà náà fúnra rẹ̀:

```
ss -ltn
curl -i http://10.132.0.5:8080/
```

Bí àṣẹ kìíní bá fi `127.0.0.1:8080` hàn, tí èkejì sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé `Connection refused`, a ti rí àléébù kìíní. 127.0.0.1 ni àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tó bá ń gbọ́ níbẹ̀ nìkan kò lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà níta. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí nítorí pé orí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ wọ́n ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Inú ìṣètò rẹ̀ ni a ó ti yí àdírẹ́sì náà sí `0.0.0.0:8080`, kó lè máa gbọ́ ní gbogbo àdírẹ́sì tí sáfà ní.

Ilé ẹ̀kọ́ náà lè ṣe èyí tán kí 502 má sì lọ. Ọ̀nà ló kù láti wò. Ògiri ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dí ẹni tí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀, kì í sì í sọ fún un pé òun dí i. Ńṣe ni ìbéèrè rẹ̀ kàn ń sọnù. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn: ẹni tó béèrè láti ìta kò rí ìkọ̀sílẹ̀ kíákíá, ó kàn ń dúró títí àsìkò fi tán. Lórí Google Cloud, láti àkójọ àdírẹ́sì méjì ni àyẹ̀wò apínṣẹ́ yìí ti ń wá, ìbéèrè àwọn èrò náà sì ń gba ibẹ̀ wọlé. A gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn:

```
gcloud compute firewall-rules create allow-health-check \
  --network=default --direction=ingress --action=allow \
  --source-ranges=130.211.0.0/22,35.191.0.0/16 \
  --rules=tcp:8080
```

Ìdáhùn ló kẹ́yìn, òun ló sì ń tan ènìyàn jù, torí pé ètò ń dáhùn lóòótọ́. Bí àyẹ̀wò bá kan ojú ewé àkọ́kọ́, tí ètò èsì sì darí gbogbo ẹni tí kò tíì wọlé sí ojú ewé ọ̀rọ̀ aṣínà, 302 ni yóò fi dáhùn. Ènìyàn kò ní rí àléébù kankan, nítorí ẹ̀rọ tó fi ń ka ìwé yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n darí rẹ̀ sí. Àyẹ̀wò Google kì í tẹ̀ lé ìdarí: 200 nìkan ló ń gbà. Àtúnṣe rẹ̀ ni ojú ewé kékeré kan, bíi `/healthz`, tí kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, tó ń dáhùn 200, kí a sì ní kí àyẹ̀wò máa kàn síbẹ̀.

Ojú ewé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ ńlá sórí. Àwọn kan máa ń ní kó lọ wo ibi tí èsì wà ní ìpamọ́ kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí ibi ìpamọ́ bá lọ́ra kọjá ìṣẹ́jú àáyá 5, sáfà méjèèjì yóò kùnà lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ì bá jẹ́ ìfàsẹ́yìn díẹ̀ á wá di 502 fún gbogbo èrò.

Lẹ́yìn àtúnṣe, àṣẹ yìí ni yóò sọ ohun tí apínṣẹ́ rò nípa sáfà kọ̀ọ̀kan, bí orúkọ iṣẹ́ náà bá jẹ́ `esi`:

```
gcloud compute backend-services get-health esi --global
```

`UNHEALTHY` gbọ́dọ̀ di `HEALTHY`. Bó bá ti jẹ́ `HEALTHY` láti ìbẹ̀rẹ̀, tí 502 sì ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyẹ̀wò kọ́ ló jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé sáfà ń ti ìlà tí apínṣẹ́ ṣì fẹ́ lò. Irú apínṣẹ́ yìí a máa fi ìlà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 600, torí náà àsìkò ti sáfà gbọ́dọ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n pa ètò, kí wọ́n tún un tàn. Àtúntàn kò lè yí àdírẹ́sì padà, kò lè ṣí ògiri ààbò, kò sì lè sọ 302 di 200. Ìta, níbi tí apínṣẹ́ dúró sí, ni ó yẹ kí wọ́n ti máa béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.