Níbi tí ìka méjì ti pàdé: bí INDEX àti MATCH ṣe ń wá iye owó ọjà

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, a kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ráyè gbọ́ ọ, àti fún ẹni tó fẹ́ da fọ́múlà inú rẹ̀ kọ sórí fóònù rẹ̀.

Àǹtí mi kan ń ta epo ní Òjòkú, ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀fà. Epo pupa, òróró, àdín àti oyin ló ń tà, ó sì ń rọ wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì oríṣiríṣi. Tẹ́lẹ̀, bébà kan ló lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ ọjà wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìwọ̀n lítà sì wà lókè láti òsì dé ọ̀tún. Bí ẹnìkan bá pè láti Ọ̀fà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni òróró lítà mẹ́wàá?", ọmọ tó ń bá a ta ọjà á fi ìka kan lé "Òróró", á máa wọ́ ọ lọ sápá ọ̀tún. Á fi ìka kejì lé "10", á máa wọ́ ọ bọ̀ nísàlẹ̀. Ibi tí ìka méjèèjì bá ti pàdé, iye owó ibẹ̀ ni.

Ẹ fi ìka méjì yẹn sọ́kàn, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tí INDEX àti MATCH ń ṣe. Orúkọ wọn ló ń dẹ́rù ba èèyàn.

Nígbà tí iye owó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lemọ́lemọ́, tí bébà ara ògiri kún fún ìfàlà àti ìpàrẹ́, mo gbé àtẹ náà sínú Google Sheets fún wọn kí ọmọ náà lè máa wò ó lórí fóònù. Bí ẹ bá ń lo Excel, ọ̀kan náà ni. Bí àtẹ náà ṣe rí nìyí (iye owó inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọjà òní o, mo kàn fi ń ṣàpẹẹrẹ ni):

```
     A          B      C       D       E
1               1      5      10      20
2  Epo pupa   2000   9500   18500   36500
3  Òróró      2600  12500   24500   48500
4  Àdín       2800  13500   26500   52000
5  Oyin       6000  29000   57000  112000
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò kọ "lítà" tẹ̀lé àwọn nọ́ńbà òkè yẹn. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n. Bí ẹ bá kọ "10 lítà" sókè, "10 lítà" gan-an lẹ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ nígbà gbogbo, bí ẹnìkan bá sì tẹ "10" nìkan, fọ́múlà ò ní dá a mọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo ya àpótí méjì sọ́tọ̀ fún ìbéèrè. Ní H1, ọmọ náà á tẹ orúkọ ọjà. Ní H2, á tẹ iye lítà. Ìdáhùn á jáde ní H3.

Ìka àkọ́kọ́ ni MATCH. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ipò tí nǹkan wà nínú ìlà kan. Bí mo bá ní kó wá Òróró láti A2 dé A5, kò ní sọ iye owó fún mi o. Ohun tó máa sọ ni "2", torí pé òróró ni ìkejì nínú ìlà yẹn. Ìka kejì náà, MATCH ni. Bí mo bá ní kó wá 10 láti B1 dé E1, á sọ pé "3". INDEX wá ni ẹni tó ń gbé ojú lé ibi tí ìka méjì ti pàdé: ó gba àgbájọ iye owó, láti B2 dé E5, ó ka ìlà ìbú kejì, ó ka ìlà òró kẹta, ó sì gbé 24500 jáde. Bí a ṣe kọ ọ́ pọ̀ nìyí:

```
=INDEX(B2:E5, MATCH(H1, A2:A5, 0), MATCH(H2, B1:E1, 0))
```

Fọ́múlà yìí dára. Àmọ́ kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ kọ fún àǹtí mi. Èyí tí mo kọ nìyí, ẹ wò ó dáadáa:

```
=INDEX(B2:E5, MATCH(H1, A2:A5, 0), MATCH(H2, B1:E1))
```

Òdo kan ṣoṣo ló sọnù, èyí tó yẹ kó wà ní ìparí MATCH kejì. Mo dán an wò pẹ̀lú 1, 5, 10 àti 20, gbogbo rẹ̀ bá ti inú àtẹ mu. Mo bá fi ránṣẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Wọ́n ní kí ọmọ yẹn fi iye owó rẹ̀ kún àtẹ, ó sì ṣe é bó ṣe yẹ: ó kọ 25 sí F1, ó kọ àwọn iye owó sísàlẹ̀ rẹ̀. Òróró lítà 25 jẹ́ ₦60,500. Ó dá a lójú pé iṣẹ́ ti parí. Lọ́sẹ̀ yẹn, oníbàárà kan ra kẹ́ẹ̀gì òróró mẹ́rin. Ọmọ náà tẹ "Òróró", ó tẹ "25", H3 dáhùn pé 48500. Ó gba owó bẹ́ẹ̀, ó gbé ọjà fún wọn.

Nígbà tí àǹtí mi jókòó ṣírò owó lálẹ́, wọ́n rí i pé ₦55,000 làwọn ra kẹ́ẹ̀gì kan. Wọ́n pè mí. Wọn ò tiẹ̀ kí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, fóònù ẹ ti ń tà mí lọ́jà." Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ló dín lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sí iye tó yẹ kí wọ́n tà á, ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta náírà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Nǹkan méjì ló pàdé. Àkọ́kọ́, fọ́múlà mi ò mọ̀ pé F wà láyé. E ni mo ní kó wá a dé. Bí èèyàn bá kọ nǹkan sẹ́yìn agbègbè tí fọ́múlà ń wò, fọ́múlà ò ní fa ara rẹ̀ gùn lọ bá a. Èyí nìkan ò bá má fa wàhálà, torí bí òdo bá wà ní ìparí MATCH, kò ní rí 25, á sì kọ #N/A síbẹ̀. Ọmọ náà á mọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa, á sì béèrè.

Àmọ́ kò sí òdo. Òdo yẹn ló ń sọ fún MATCH pé: èyí tó bára mu gẹ́lẹ́ ni kó o mú wá, bí kò bá sí, sọ pé kò sí. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, MATCH á gbà pé 1 lẹ fẹ́. Ìtumọ̀ 1 sì ni pé: bí o kò bá rí ohun tí mo béèrè, mú èyí tó tóbi jù lọ nínú àwọn tí kò ju ohun tí mo béèrè lọ. A béèrè 25, kò sí 25 láti B1 dé E1, èyí tó tóbi jù tí kò ju 25 lọ ni 20. Ó mú ipò 20, ó sì gbé owó lítà ogún jáde láìkọ àṣìṣe kankan.

Ìdí tí ìdánwò mi ò fi tú u fó ni pé nọ́ńbà òkè àtẹ wa tò láti kékeré dé ńlá. Bí wọ́n bá tò bẹ́ẹ̀, tí ohun tí ẹ béèrè sì wà níbẹ̀, MATCH tí kò ní òdo á dáhùn dáadáa. Tí ẹ bá yọ òdo kúrò lára ti orúkọ ọjà, tí kò tò ní a, b, d, ìdáhùn lè jẹ́ ohunkóhun.

Mo tún un ṣe. Mo fi òdo síbẹ̀, mo sì fa agbègbè dé F:

```
=INDEX(B2:F5, MATCH(H1, A2:A5, 0), MATCH(H2, B1:F1, 0))
```

Bí ẹ kò bá fẹ́ máa fọwọ́ kan fọ́múlà ní gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n tuntun bá dé, má kọ ọ́ sẹ́yìn àtẹ. Ẹ fi ìlà òró tuntun sáàárín, bíi kí ó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Fọ́múlà á fẹ̀ fúnra rẹ̀ láti gbà á mọ́ra. 25 á ṣáájú 20, kò lẹ́wà lójú, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí òdo bá ti wà níbẹ̀, ètò wọn ò já mọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà pè mí: "Ẹ jọ̀ọ́, ó ń kọ #N/A fún òróró, mo sì rí òróró níbẹ̀." Fóònù ló fà á. Nígbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí kíbọ́ọ̀dù fóònù dá lábàá, kíbọ́ọ̀dù sábà máa ń fi àlàfo kan tẹ̀lé e. Ojú ò rí i, ṣùgbọ́n MATCH rí i: "Òróró" pẹ̀lú àlàfo kì í ṣe "Òróró". TRIM ló ń gé irú àlàfo bẹ́ẹ̀ dànù, nítorí náà ẹ kọ `TRIM(H1)` níbi tí H1 wà nínú fọ́múlà. Àmì ohùn náà ńkọ́? Lẹ́tà ńlá àti kékeré ò dí MATCH lọ́wọ́, ṣùgbọ́n "Ororo" tí kò ní àmì ò bá "Òróró" mu. TRIM ò lè wo ìyẹn sàn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi àwọn orúkọ ọjà sínú àkójọ tí èèyàn ń fọwọ́ mú ní H1, dípò kó máa tẹ̀ ẹ́. Data validation ni ẹ máa wá fún un.

Ẹ tún rí i pé ibi tí àtẹ iye owó ti bẹ̀rẹ̀ ni MATCH náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí INDEX bá bẹ̀rẹ̀ láti B2, tí ẹ sì ní kí MATCH bẹ̀rẹ̀ láti A1 dípò A2, ipò gbogbo ọjà á sún sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó béèrè epo pupa á gba owó òróró. Ọjà tó kẹ́yìn ló máa ń tú àṣírí, torí oyin á kọ àṣìṣe: a ti ka ìlà kọjá òpin àtẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dán fọ́múlà wò báyìí, ọjà àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè ohun tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, bíi lítà 7. Tó bá fún mi ní owó, mo mọ̀ pé òdo ti sọnù níbì kan.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ́ràn #N/A, ó ní ó ń dà bíi pé fóònù òun bàjẹ́. Mo bá fi IFNA bò ó. Àwọn kan máa ń lo IFERROR, àmọ́ èmi ò fẹ́ ẹ níbí, torí á bo àṣìṣe kíka ìlà kọjá òpin àtẹ náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ rí ìyẹn. Èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀ lónìí nìyí:

```
=IFNA(INDEX(B2:F5, MATCH(TRIM(H1), A2:A5, 0),
 MATCH(H2, B1:F1, 0)), "Bi Àǹtí")
```

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan béèrè oyin lítà méjì. H3 ní "Bi Àǹtí". Ó bi wọ́n.