Ohun tí ẹnu wa ń wí lórí ìrun

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá ló ti mọ ọ̀rọ̀ ìrun sórí ní ilé kéwú kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Láti Àsùbáà títí dé Ìṣáì, èdè Lárúbáwá náà ni wọ́n ń fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bi bàbá rẹ̀ pé kí ni gbólóhùn báyìí túmọ̀ sí, ìdáhùn tó sábà máa ń gbà ni pé, “Àdúrà ni.” Àdúrà ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń wí.

Ẹ jẹ́ ká mú Bísímíláhì. “Bi” ni “ní” tàbí “pẹ̀lú”. “Ísímù” ni orúkọ. Aláhù ló gbẹ̀yìn. Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe kankan níbẹ̀. Ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe ló ń parí rẹ̀ nínú ọkàn. Bí ọwọ́ rẹ bá wà lórí oúnjẹ, ohun tí o ń wí ni pé, “Mo ń jẹun ní orúkọ Ọlọ́run.” Bí Àlùkùránì ló wà níwájú rẹ, “Mo ń ké e ní orúkọ Ọlọ́run.”

Ràhmánì àti Ràhímì tó tẹ̀ lé e, inú ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ti jáde: àánú. Ibẹ̀ náà ni Lárúbáwá ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe ilé ọmọ nínú obìnrin. Àánú tó kún dẹ́nu ni ti Ràhmánì. Àánú tí kì í dáwọ́ dúró ni ti Ràhímì. Àwọn àlùfáà wa máa ń túmọ̀ wọn sí “Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run”: Ọba tó ń kẹ́ gbogbo ẹ̀dá pọ̀ láyé, tí yóò sì ṣa àwọn onígbàgbọ́ kẹ́ lọ́run. Ìtumọ̀ yìí dùn mọ́ mi gan-an, nítorí inú “jọ” àti “ṣà” ni gbogbo ìyàtọ̀ náà wà. Síbẹ̀, àlàyé àwọn onímọ̀ ló gbé e dé ibẹ̀; kò sí ayé, kò sí ọ̀run nínú gbólóhùn Lárúbáwá fúnra rẹ̀.

Bí lẹ́mọ́mù bá bẹ̀rẹ̀ Fátíhà láti “Àlìhámúdù” tí o kò gbọ́ Bísímíláhì lẹ́nu rẹ̀, má ṣe rò pé ó gbàgbé. Ìlànà Málíkì, tó gbilẹ̀ láàárín wa, kò fẹ́ kí wọ́n kà á sókè nínú ìrun ọ̀ranyàn. Lọ́dọ̀ àwọn Ṣáfíì ní tiwọn, ara Fátíhà ni.

Aláhù Àkúbárù ni “Ọlọ́run ló tóbi jù”. Lárúbáwá kò dárúkọ ohun tó tóbi jù lọ, kí ó má bàa ku ohun kankan sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀méjìlélógún (22) la ń wí i nínú ìrun onírákà mẹ́rin. Ìpè rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Bí a bá fa ìparí rẹ̀ gùn di “Àkúbáárù”, orúkọ ìlù ló dà, bí a bá sì fa “A” àkọ́kọ́, ó di ìbéèrè: “Ṣé Ọlọ́run ló tóbi jù?”

Ibì kan ṣoṣo tí a ti ń paradà lórí ìrun láìwí i ni ìgbà tí a bá ń gbé ara sókè láti rúkúù. Lẹ́mọ́mù á ní “Sámìáláhù límán hámídà”: Ọlọ́run gbọ́ ti ẹni tó yìn ín. Gbígbọ́ tó ní ìdáhùn nínú ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn á fèsì pé “Ràbánà wàlákàl hámúdù”: Olúwa wa, tìrẹ ni ìyìn. Ìyìn ni hámúdù. Ọpẹ́ fún oore tí a rí gbà ní orúkọ tirẹ̀, súkúrù. A lè yin Ọlọ́run bí a kò tilẹ̀ tíì rí ohun tí a bẹ̀ ẹ́ fún.

Ní rúkúù, “Sùbúhánà Ràbíyàl Àsímù” ni: Olúwa mi tó tóbi mọ́ kúrò nínú gbogbo àbùkù. Nígbà tí iwájú orí bá kanlẹ̀, tí kò sí ibi tí èèyàn tún lè rẹlẹ̀ dé mọ́, ni ẹnu wá ń wí “Ràbíyàl Àláà”: Olúwa mi tó ga jù lọ.

Sàlámà ló parí rẹ̀: “Àsàlámù àléékúmù wàráhámátúláhì”, kí àlàáfíà àti àánú Ọlọ́run máa bá yín. “Kúmù” yẹn kì í ṣe “ẹ̀yin” ọ̀wọ̀ tí a fi ń kí àgbà. Ẹ̀yin tó pọ̀ ni, ẹni tó sì ń dá ìrun kí nínú yàrá rẹ̀ náà ń wí i bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn máláíkà tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ló ń kí.