Síláìdì Kan Ṣoṣo Níwájú Ọ̀gá

Síláìdì 34 ni mo gbé lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ní kí n wá ròyìn ọjà oṣù mẹ́ta. Ọṣẹ ìfọṣọ là ń tà. Ìlú mẹ́rin ló wà lábẹ́ máníjà ẹkùn wa: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn iléeṣẹ́, mo sì fi àwòrán aláwọ̀ mèremère há gbogbo rẹ̀. N kò tíì dé síláìdì karùn-ún tí màdáàmù fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, dúró ná. Ṣé a tà ni àbí a ò tà?"

Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ó wà ní síláìdì 21." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń bí i nínú. Máníjà ẹkùn kì í gbọ́ ìròyìn kó fi sùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òun náà yóò dúró níwájú àwọn tó jù ú lọ ní Èkó, wọn yóò sì da ìbéèrè bò ó. Ọ̀rọ̀ tó lè gbé débẹ̀ láìjá sílẹ̀ lọ́nà ló ń wá lọ́wọ́ wa: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí ni a fẹ́ kí òun ṣe sí i. Iṣẹ́ síláìdì tó ṣáájú nìyẹn. Mẹ́wàá tàbí méjìlá tó tẹ̀lé e, ẹ̀rí lásán ni wọ́n. Barbara Minto, tó wọ iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn McKinsey ní 1963, ló sọ ọ̀nà yìí di ìwé: kí ìdáhùn kọ́kọ́ jáde, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. Kò rọrùn fún àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pé ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ kí ilé, kó kí ọ̀nà, kó tó jíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú oṣù mẹ́ta kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà wò. Mo ti yí iye rẹ̀ díẹ̀ kó lè rọrùn láti ṣírò. Lọ́dún tó ṣáájú, ní irú àsìkò kan náà, páálí 10,000 la tà, ₦8,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦80 mílíọ̀nù. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, páálí 8,800 la tà ní ₦10,500, ó di ₦92.4 mílíọ̀nù. Tágẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ ₦100 mílíọ̀nù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí inú ọ̀gá dùn yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé owó ọjà fi ìdá 15.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Kò parọ́. Àmọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, owó nìkan kò tó í fi mọ̀ bóyá ọjà ń tà. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká ya ti owó orí páálí sọ́tọ̀ kúrò lára ti iye páálí. Páálí 1,200 ló dín. Tí a bá fi ₦8,000 àtijọ́ ṣírò rẹ̀, ₦9.6 mílíọ̀nù ló bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ₦2,500 la fi kún owó páálí kọ̀ọ̀kan, lórí páálí 8,800 ìyẹn jẹ́ ₦22 mílíọ̀nù. Yọ 9.6 kúrò nínú 22, ₦12.4 mílíọ̀nù ló kù, òun náà sì ni gbogbo ohun tí a fi ju ti èṣí lọ. Owó tí a fi kún ọjà ló mú un wá. Àwọn tó ń ra ọṣẹ ń dín kù.

Ibì kan wà tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ níbí. Fáàtì, owó orí ìjọba tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú iye tó wà nísàlẹ̀ ínfọ́ìsì. Ẹni tó bá ro ìsàlẹ̀ ínfọ́ìsì pọ̀ yóò rí ₦99.33 mílíọ̀nù, yóò sì máa jó pé tágẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Èmi máa ń pín owó náà sí iye páálí ni. Tó bá já sí ₦11,287.50 dípò ₦10,500, mo ti mọ̀ pé owó ìjọba ti dàpọ̀ mọ́ tiwa.

Bí a ṣe pín ₦100 mílíọ̀nù náà nìyí: Ìbàdàn 40, ó mú 41 wá, Abẹ́òkúta 22, ó mú 21.4; Òṣogbo 18, ó mú 17; Àkúrẹ́ 20, ó mú 13 péré. Ọmọọṣẹ́ wa tó wà ní Àkúrẹ́ kọ ọ́ pé "ọjà ò yá." Kò sí gbólóhùn tí mo kórìíra tó o nínú rípọ̀ọ̀tù. Mo tú iye rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dísítíríbútọ̀ méjì la ní níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ keje, ti ọ̀kan di òdo, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ti èkejì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ká ní ọjà ò yá ni, àwọn méjèèjì ni ì bá jọ wálẹ̀. Mo tẹ bàbá náà láago.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ dá ọjà dúró fún mi. Gbèsè ₦3.2 mílíọ̀nù ni mo jẹ. Mo kọ̀wé pé kí ẹ jẹ́ n san án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn."

Mo wá ìwé náà kiri. Inú fáìlì kan lórí tábìlì màdáàmù ló wà.

Ìbàdàn tó dà bíi pé ó ṣe dáadáa ni mo tún wá fura sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan, ọjà ₦9 mílíọ̀nù ló wọ sítọ́ọ̀ àwọn dísítíríbútọ̀. Ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ wa yàtọ̀ sí ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù rà lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà nílẹ̀: páálí 1,460. Ogójì ni wọ́n ń tà lójúmọ́, torí náà ọjà ọjọ́ 36 ló wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 14 ló máa ń jẹ́. Èyí ni pé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìbàdàn kò ní rà mọ́.

Bí síláìdì náà ṣe rí níyìí. Àkọlé rẹ̀ jẹ́ gbólóhùn odindi, kì í ṣe "Àkópọ̀ Ọjà": "Owó gòkè, páálí fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀; ₦7.6 mílíọ̀nù ló kù kí tágẹ́ẹ̀tì pé, Àkúrẹ́ nìkan sì fi ₦7 mílíọ̀nù kùnà." Tábìlì kékeré tó ní ìlú mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. Ìdí: dísítíríbútọ̀ kan ní Àkúrẹ́ kò rí ọjà gbà láti ọ̀sẹ̀ keje, ìwé rẹ̀ ń dúró de ìbuwọ́lùwé (síláìdì 6). Ewu: ọjà ọjọ́ 36 wà nílẹ̀ ní Ìbàdàn, oṣù tó ń bọ̀ yóò rọ̀ (síláìdì 8). Ohun tí a ń béèrè: kí ó san gbèsè lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì máa fi owó lọ́wọ́ ra ọjà tuntun.

Mo ro ọ̀rọ̀ "ìbuwọ́lùwé" yẹn lọ́pọ̀ ìgbà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé. N kò kọ ti ta ni. N kò sì yọ ọ́.

Màdáàmù kà á tán, ó dákẹ́. Ó tún kà á. Ó wá yíjú sí akọ̀wé rẹ̀: "Ẹ bá mi mú fáìlì Àkúrẹ́ wá láti orí tábìlì mi." A jókòó síbẹ̀ dè é, síláìdì àkọ́kọ́ ṣì wà lára ògiri, títí akọ̀wé fi padà wọlé pẹ̀lú fáìlì àti bírò.