Tráfẹ́lì ni àbí dọ́bù dríbù? Ẹsẹ̀ ni ọ̀kan, ọwọ́ ni èkejì

Ní ìrọ̀lẹ́, láàárín ìrun Àsárì sí Mọ̀gàríbì, bí èèyàn bá dúró létí pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, yálà ní apá Agbowó àti Bódìjà tàbí ní Ring Road, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi pariwo pé, "Tráfẹ́lì!" Ẹlòmíràn á ní, "Rárá o, dọ́bù ni!" Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ á búra pé òun kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nítorí pé kì í sí rẹfirí níbẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ni ìdájọ́ máa ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ìyà kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ń fà. Wọ́n á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀, àwọn alátakò á sì jù ú wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Àwọn kan á wá ní kí ló wá kàn wá pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n bá pè é. Ó kàn wá gan-an. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún lójoojúmọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀, kò ní tún ẹsẹ̀ náà ṣe títí tí yóò fi dé ìdíje ilé ìwé, níbi tí rẹfirí á ti máa fọn fèrè sí i.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: ṣé ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ni, àbí ó ti dì í mú? Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń gbá a mọ́lẹ̀, òfin kò ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ó lè sáré láti ìdí apẹ̀rẹ̀ kan dé èkejì. Ìgbà tí ó bá di bọ́ọ̀lù mú ni òfin ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni tráfẹ́lì wà. Dọ́bù dríbù kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀ rárá. Ó jẹ́ kí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kí ó dì í mú, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹni tó dúró lójú kan. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ti di òpó nìyẹn. Ó lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ iwájú, kó tẹ ẹ̀yìn, kó yí ara ká bí ó ṣe wù ú, bí òpó kò bá ti kúrò lójú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ tàbí sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè gbé ẹsẹ̀ òpó náà pàápàá kúrò nílẹ̀, àmọ́ bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó padà balẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́, kí òpó tó kúrò nílẹ̀. Lójú tiwa, ibí yìí ni àwọn ọmọ ti ń ṣẹ̀ jù. Ara ń yá wọn láti sáré, ẹsẹ̀ òpó á ti gbéra kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́. Tráfẹ́lì ni.

Ẹni tó fi òfin òpó yìí jẹun jù lọ nínú àwọn ọmọ wa ni Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1963. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Mùsùlùmí ní Èkó. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń gbá tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni òun ti mú ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní Dúríìmù Ṣéèkì. Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, á mi èjìká sí apá kan, á yí sí apá kejì, á ṣe bí ẹni fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Alátakò á fò. Nígbà náà ni yóò wá fi ẹsẹ̀ kejì rìn kọjá lábẹ́ apá onítọ̀hún, yóò sì ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ òfin á ní ó rìn jù, ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ dúró. Ó gba ife-ẹ̀yẹ NBA fún ẹgbẹ́ Rockets ti ìlú Houston ní 1994 àti 1995. Nínú oṣù kejì 1995, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù nínú oṣù náà, bẹ́ẹ̀ ààwẹ̀ Ramadan ló ń gbà.

Ẹni tó ń sáré yàtọ̀ sí ẹni tó dúró. Òfin fún un ní ìṣísẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá di bọ́ọ̀lù mú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2017 ni FIBA, àjọ tó ń darí eré yìí lágbàáyé, ti sọ ọ́ di mímọ̀ pé ẹsẹ̀ tó bá ti wà nílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù kò sí nínú ìkà. Ọjọ́ yìí kan náà ni òfin tó gba àwọn obìnrin láyè láti lo ìbòrí lórí pápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí àwọn ọmọbìnrin wa ti ń retí tipẹ́.

Ká ní ọmọ kan ń sáré lọ sídìí apẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tó di bọ́ọ̀lù mú: a kò ka ìyẹn. Ọ̀tún balẹ̀, ó di ọ̀kan. Òsì balẹ̀, ó di méjì. Ó fò, ó ju bọ́ọ̀lù. Ojú wa ka mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀. Bí ọ̀tún bá tún balẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tráfẹ́lì ni. Bákan náà ni bí ó bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra bí ẹni ń ta kẹ́ńkẹ́.

Ní ti dọ́bù, fífi ọwọ́ méjèèjì kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà ti tó láti fòpin sí gbígbá a mọ́lẹ̀. Jíjẹ́ kó sinmi sórí àtẹ́lẹwọ́ kan náà tó. Lẹ́yìn èyí, kí ó jù ú sí apẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alátakò bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà débi tó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún rí i mú, ó lè gbá a mọ́lẹ̀ lákọ̀tun. Bákan náà ni bí ó bá ti jù ú sí apẹ̀rẹ̀, tí kò wọlé, tó sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kàn yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ dì í mú, ó lè gbé e, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tún gbá a mọ́lẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ìgbà tí méjèèjì bá jọ ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó ti dì í mú, alátakò dí i lọ́nà. Jìnnìjìnnì mú un, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Èyí tó bá ṣáájú ni ká pè. Bí òpó bá gbéra nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tráfẹ́lì ni. Bí òpó bá wà nílẹ̀ títí tó fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, dọ́bù ni. Níbi tí rẹfirí bá wà, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn fèrè: bí ó bá di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, tó ń fi wọ́n yí ara wọn ká, tráfẹ́lì ló pè, bí ó bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu afẹ́fẹ́ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, dọ́bù ni.