Ẹ̀dọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Nínú Ìkòkò

Ṣàkì ni mo kọ́kọ́ fi sínú ìkòkò nígbà tí a ń fi eré yìí dánra wò. Eré apanilẹ́rìn-ín tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ni: ẹran kan ló kù, gbogbo ilé ń jà sí i. A ṣe é parí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òǹwòran kan ló wá bi mí pé, "Ìyá tí ò léyín, báwo ló ṣe rí ṣàkì jẹ?" Mo yọ ṣàkì, mo fi ẹ̀dọ̀ dípò rẹ̀.

Nígbà ayé rẹ̀, Bàbá Sàlá lè fi táì gbàǹgbà àti ìmúra rẹ̀ nìkan pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó lanu. Àwa tí a ò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu la gbójú lé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

BÀBÁ: Ta ló ni ẹ̀dọ̀ tó kù nínú ìkòkò yẹn?

ÌYÁ: Ẹ̀yin kọ́, Bàbá Àlàbí. Ẹ ti jẹ mẹ́ta.

BÀBÁ: Dókítà ló ní kí n máa jẹ ẹ̀dọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀.

ÌYÁ: Dókítà yẹn náà ló ní kí ẹ jáwọ́ nínú bíà.

ÀLÀBÍ: Èmi ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ rà á lọ́jà.

ÀBẸ̀KẸ́: Ta ló lọ ata?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹ má pè mí sí i o. Èmi tí ò léyín, kí ni mo fẹ́ fi ẹran ṣe?

Ẹ wò ó dáadáa: kò sẹ́ni tó sọ pé òun fẹ́ jẹ ẹ́. Nílé wa, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ẹran, wọ̀bìà ni. Torí náà ni oníkálukú ṣe ń wá àwáwí, àwáwí yẹn ló sì ń pani lẹ́rìn-ín. Bí Àlàbí bá fi lè sọ pé, "Ẹ fún mi, ebi ń pa mí," eré ti bàjẹ́, nítorí àánú rẹ̀ ni yóò máa ṣe wá. Bàbá ló tiẹ̀ le fún jù: baálé ilé ò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ ẹran.

Ariwo ń pọ̀ sí i, iná lọ. Kí òkùnkùn má kọjá kíka ení dé àrún. Ìró ọmọrí ìkòkò nìkan ni kí á gbọ́. Nígbà tí iná dé, ọwọ́ mẹ́rin ti há sínú ìkòkò, oníkálukú di ìka ẹnìkejì rẹ̀ mú. Ìyá àgbà ò kúrò lórí àpótí rẹ̀.

BÀBÁ: Màmá, ṣé ẹ rí ẹni tó mú un?

Ìyá àgbà kàn mi orí ni. Kò la ẹnu.

Ibẹ̀ ni kí ẹ pa iná eré. Àwọn òṣèré wa fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ pariwo pé, "Màmá ti jẹ ẹ́!" Mo kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí òǹwòran ti fojú ara rẹ̀ rí, ẹ má sọ ọ́ fún un mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ìyá náà, kó pọ̀ tó kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè rí i.